Mo kọ wúruwùru ní ìpàdé onílé, alága fẹ́ mínìtì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wéTuntun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìbàdàn, torí pé èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ mi á yá. Ọwọ́ mi yá lóòótọ́, àmọ́ ohun tí mo kọ kò lórí, kò nídìí. Alága wá fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó fẹ́ ká máa lò lóṣooṣù: àwọn tó wá, ìròyìn, ohun tí a fẹnu kò lé, iṣẹ́, ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́. Ó fẹ́ gbà á kó tó di Ọjọ́rú. Ohun tó wà nínú ìwé mi nìyí gẹ́lẹ́, orúkọ àwọn èèyàn nìkan ni mo yí padà:

*Àìkú 4/5/2025. Alága dé 4:20. Àdúrà, Pásítọ̀. Alhaji ní tiransifọ́mà tún ti bú, àwọn oníná ní ká kọ lẹ́tà wá. Bàbá Ṣadé ní lẹ́tà wo, a ti kọ ọ́ títí, ariwo. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní owó ọlọ́dẹ ńkọ́, oṣù méjì, 45,000 lóṣù. Akápò ní 186,000 ló wà ní bánkì. Alága ní ká san ti ọlọ́dẹ ná kó tó di Jímọ̀. Gbogbo wa ní ó dáa. Ẹnjiníà á lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ìyá Bọ̀sẹ̀ lọ, ọmọ ń sunkún. Géètì ti yẹ̀, Alhaji mọ wẹ́dà kan. Owó oṣù, ká sọ ọ́ di 5,000, àwọn kan ní 3,000 ti tó. A máa rí sí i. Ẹni tó bá pẹ́ á san fáìnì. Àdúrà, Alhaji. 6:10.*

Ó ń ṣe mí bíi kí n kàn tún un kọ ní lẹ́tà tó dáa, kí n pín in sí abẹ́ àkọlé, kí n fi ránṣẹ́. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

BàbáAkọ̀wé

Ọmọ mi, kò tó. Má tíì tún nǹkan kan kọ. Mo ṣe akọ̀wé ìpàdé ní ìjọba ìbílẹ̀ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé màá mú bírò pupa, màá ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, màá fi lẹ́tà kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ì ni ti ìpinnu, ìyẹn ohun tí ilé fẹnu kò lé. Ṣ ni ti iṣẹ́ tí ẹnì kan gbà láti ṣe. K ni ti ohun tí wọ́n kàn kà sí wa létí, bí iye tó wà ní bánkì. A ni ti ariwo àti àwàdà. Èyí tí o kò bá mọ ibi tó yẹ kó wà, fi àmì ìbéèrè sí i, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má fi ọgbọ́n orí dí i.

Jẹ́ n fi ìwé tìrẹ ṣe é. Iye tí Akápò sọ, K. Alága ní kí wọ́n san owó ọlọ́dẹ, gbogbo yín ní ó dáa, Ì nìyẹn, òun nìkan náà sì ni Ì tó dá mi lójú nínú gbogbo rẹ̀. Owó oṣù tí ẹ fẹ́ sọ di 5,000, ẹ ò fẹnu kò. "A máa rí sí i" kì í ṣe ìpinnu láéláé. Ibi tí akọ̀wé tuntun ti máa ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á kọ pé "ìpàdé pinnu láti gbé ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹ̀ wò", tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹnì kan á dìde pé ẹ ti pinnu 5,000. Ọ̀rọ̀ tí a sún síwájú ní àkọlé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o fi í sí.

Ibi tí mo fi àmì ìbéèrè sí nìyí, ìwọ nìkan lo sì lè dá mi lóhùn. Ọ̀kan, Alhaji wo? Ìkejì, ṣé Ẹnjiníà wà níjokòó nígbà tí ẹ ní kó lọ? Ìkẹta, ṣé Alhaji sọ pé òun á pe wẹ́dà, àbí ó kàn ní òun mọ ọ̀kan? Ìkẹrin, ta ló sọ ọ̀rọ̀ fáìnì yẹn, kí lẹ sì dá a lóhùn?

Akọ̀wéTuntun

Ẹ ṣé gan-an, sà. Alhaji méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ wa, Alhaji Láwàl ló wá lọ́jọ́ yẹn. Ẹnjiníà Bákàrè kò wá rárá, Bàbá Ṣadé ló ní "Ẹnjiníà á lọ, òun ló mọ èdè wọn", kò sí ẹni tó sọ pé rárá. Alhaji ní "màá bi í ní iye tó máa gbà". Ti fáìnì, Bàbá Ṣadé ló fi ń bú Alága tó pẹ́ dé, gbogbo wa kàn rẹ́rìn-ín ni.

ṢọláAjé

Ẹ̀ ń yọ ara yín lẹ́nu. Fóònù ni kí o gbé sórí tábìlì kó máa gba ohùn gbogbo wọn, tí o bá délé, kí o jókòó kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò ní sí ẹni tó máa lè sẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa nìyẹn, ojú ìwé mọ́kànlá ni ti oṣù tó kọjá.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Ojú ìwé mọ́kànlá! Ta ló kà á, Ṣọlá?

ṢọláAjé

Alága kà á. Mo rò bẹ́ẹ̀.

BàbáAkọ̀wé

Ti fóònù yẹn, apá kan rẹ̀ dáa. Tí iye owó tàbí ọjọ́ bá rú akọ̀wé lójú, kó padà lọ gbọ́ ọ, bí ilé bá ṣáà ti mọ̀ pé ó ń gba ohùn. Àmọ́ kéèyàn máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àwọn èèyàn, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ìwé òfin ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Robert's Rules of Order, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1876, tí ẹgbẹ́ púpọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní, sọ ọ́ ní tààrà: ohun tí ìpàdé ṣe ni kí mínìtì wí, kì í ṣe ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Ìdí kan tún wà tí ìwé ò sọ. Bí o bá kọ ọ́ pé "Bàbá Ṣadé ní a ò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà", lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Bàbá Ṣadé á ní òun ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìpàdé oṣù kẹfà á di ẹjọ́ lórí ìpàdé oṣù karùn-ún. Kọ ọ́ pé ìpàdé gbọ́ ìròyìn pé tiransifọ́mà tún ti bàjẹ́, àwọn oníná sì ń béèrè lẹ́tà. Ìlà kan ti tó.

Káṣìmáwò_Ọ̀ṣun

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè lórí mínìtì yìí kan náà. A fẹ́ yí orúkọ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó wa padà ní bánkì, wọ́n ní ká mú mínìtì wá. Ṣé èyí tó wà nínú ìwé ńlá ẹgbẹ́ la máa gbé lọ ni?

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Ọ̀gbẹ́ni, ìbéèrè tìrẹ yàtọ̀ sí ti Akọ̀wéTuntun, àmọ́ kò jìnnà. Má gbé ìwé ńlá lọ. Ìpinnu yẹn nìkan ni kí ẹ yọ sórí ìwé tó ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé, orúkọ àwọn tó ń kúrò àti àwọn tó ń wọlé bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ wọn, kí Alága àti Akọ̀wé fọwọ́ sí i. Bánkì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń fẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ibi tó ti kan Akọ̀wéTuntun nìyí: tí wọ́n bá kọ ìpinnu sáàárín ìtàn, kò sí bó o ṣe máa yọ ọ́. Tó bá dá dúró pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ó ku ti Ẹnjiníà. Mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ẹni tí kò sí níjokòó kì í di ṣíṣe. Kì í ṣe pé onítọ̀hún ò dáa, kò gbọ́ ni. Tí o bá kọ "Ẹnjiníà Bákàrè" sí ibi ẹni tó máa ṣe é, oṣù kẹfà á dé, á ní "ta ló rán mi?", òun ló sì jàre. Bákan náà ni "kọmítì" àti "gbogbo onílé". Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí èèyàn mẹ́ta bá máa jọ ṣe é, orúkọ ẹni tí a máa bi léèrè ni kí o kọ.

BàbáAkọ̀wé

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi máa ṣe ni pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí kì í ṣe lílọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná mọ́, bíbá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ ni. Ìyẹn lè wà lọ́wọ́ ẹni tó wá sípàdé. Pe Alága lónìí, bi í pé ta ló máa bá Ẹnjiníà sọ ọ́. Bó bá ní òun ni, kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Akọ̀wéTuntun

Mo ti pè é báyìí. Ó ní òun á rí i kó tó di Àìkú tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji ò dá ọjọ́ kankan fún ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Ṣé kí n kọ ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ sí i?

BàbáAkọ̀wé

Kọ ọ́. Iṣẹ́ tí a ò dá ọjọ́ fún, ìpàdé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fara mọ́ ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Tí ilé bá ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe é, kò burú. Tí wọn ò bá fẹnu kò, akọ̀wé ló dá ọjọ́ fún Alhaji yẹn, Alhaji kọ́. Kí ló ṣòro nínú kó pè é? Ẹ̀yin lẹ sọ lókè pé kó má fi ọgbọ́n orí dí àmì ìbéèrè.

BàbáAkọ̀wé

O mú mi níbẹ̀. Kó pe Alhaji. Àmọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kó bẹ ilé kí wọ́n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí òfin, torí kò ní rójú máa pe èèyàn mẹ́wàá lóṣooṣù.

Délé_Pẹ́kíhàmù

Ẹ̀yin èèyàn wa nílé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, orí Súùmù la ti ń ṣèpàdé, orúkọ àwọn tó wá ló máa ń fa ìjà. Ẹnì kan á wọlé, ìsopọ̀ á já, á tún wọlé. Òmíràn á tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn á wà níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́, ìpinnu á wáyé lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì á ní òun wà níbẹ̀, òun ò sì fọwọ́ sí i. Ohun tí a wá ń ṣe ni pé tí a bá fẹ́ dìbò lórí nǹkan, akọ̀wé á tún orúkọ pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rí i nínú ìwé tìrẹ pé Ìyá Bọ̀sẹ̀ lọ kí ìpàdé tó parí. Má gbàgbé ìyẹn.

ṢọláAjé

Ẹni tó lọ torí ọmọ náà tún wọ mínìtì?

Délé_Pẹ́kíhàmù

Ọmọ kò wọ̀ ọ́. Pé ó ti lọ kí ọ̀rọ̀ géètì tó bẹ̀rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ìpinnu owó ọlọ́dẹ ṣojú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ká dáwó géètì lọ́la, á lè sọ pé èyí ṣojú mi, tọ̀hún kò ṣojú mi.

BàbáAkọ̀wé

Délé, ó dáa. Ó yá, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Láwàl àti Bákàrè ni o dárúkọ, orúkọ tí mo kàn dá sílẹ̀ ni mo fi sí ti àwọn yòókù: Bàbá Ṣadé ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni Ìyáàfin Àjàyí. Inú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ni kí o ti máa wo orúkọ wọn, torí "Bàbá Ṣadé" kò ní yé ẹni tó bá ka ìwé yìí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tó wá ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí ìpinnu tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́. Ìròyìn ni kí o kọ kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣáájú ìpinnu nínú fọ́ọ̀mù. Ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí ìpinnu yé èèyàn ni kí o mú nínú rẹ̀.

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ ONÍLÉ
Ọjọ́ àti àkókò: Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Karùn-ún 2025, aago 4:20 sí 6:10 ìrọ̀lẹ́

Àwọn tó wá: Olóyè Adéoyè (Alága), Ìyáàfin Fọlárìn (Akápò), Alhaji Láwàl, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé, Pásítọ̀ Ọlátúnjí, Ìyáàfin Àjàyí (ó kúrò kí ọ̀rọ̀ géètì tó bẹ̀rẹ̀), Akọ̀wé
Àwọn tó ránṣẹ́ pé àwọn ò ní lè wá: Kò sí
Àwọn tí kò wá: Ẹnjiníà Bákàrè, àti Alhaji kejì, kọ orúkọ rẹ̀ síbí

Ìròyìn: Akápò ròyìn pé 186,000 náírà ló wà ní bánkì. Alhaji Láwàl ròyìn pé tiransifọ́mà tún ti bàjẹ́, àwọn oníná sì béèrè lẹ́tà.

Ìpinnu
5/1: Kí a san owó ọlọ́dẹ oṣù méjì, 45,000 náírà lóṣù, àpapọ̀ 90,000 náírà, látinú owó tó wà ní bánkì. Gbogbo àwọn tó wà níjokòó fara mọ́ ọn.

Iṣẹ́
5/A: San 90,000 náírà fún ọlọ́dẹ, kí a sì gba rìsíìtì. Ìyáàfin Fọlárìn. Kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún.
5/B: Bá Ẹnjiníà Bákàrè sọ̀rọ̀ bóyá ó lè lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Olóyè Adéoyè. Kó tó di Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún.
5/D: Béèrè iye tí wẹ́dà máa gbà láti tún géètì ṣe. Alhaji Láwàl. (Pè é fún ọjọ́.)

Ọ̀rọ̀ tí a sún síwájú: Àfikún owó oṣù, àbá méjì ló wà nílẹ̀, 5,000 àti 3,000 náírà.
Ọ̀rọ̀ mìíràn: Kò sí
Ìpàdé tó ń bọ̀: Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà 2025
Ìfọwọ́sí Alága àti ti Akọ̀wé, pẹ̀lú ọjọ́:

Wo nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọlé tí kò ní nǹkan lábẹ́, mi ò yọ ọ́, "Kò sí" ni mo kọ. Tí o bá yọ ọ́, ẹni tó ń kà á ò ní mọ̀ bóyá kò sí ni tàbí o gbàgbé. Èkejì, ìṣirò: 45,000 lọ́nà méjì, 90,000, á ku 96,000 ní bánkì. Ìwọ ni kí o ṣe ìṣirò yẹn kí o tó fi ránṣẹ́, torí tí ìpinnu bá ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, ilé ni yóò dà á padà fún ọ.

Akọ̀wéTuntun

Ọlọ́run á san án fún yín, sà. Mi ò mọ̀ pé ìwé wúruwùru yẹn ní ìpinnu kan ṣoṣo nínú. Wákàtí méjì tó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi jókòó!

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Má sọ fún wọn.

Mo rí ohun kan tó sọnù. Ní ẹgbẹ́ tiwa, a máa ń kọ orúkọ ẹni tó dá àbá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn. Alága yín ló dá àbá owó ọlọ́dẹ, ta ló kín in?

BàbáAkọ̀wé

Ìwé tí mo dárúkọ lókè yẹn ní kò pọn dandan kí orúkọ ẹni tó kín in wọlé, àfi tí ilé bá ní kó wọlé. Ti ẹni tó dá àbá ló ní kó wọlé. Àmọ́ kí Alága fúnra rẹ̀ máa dá àbá, ìyẹn náà ní ọ̀rọ̀ nínú.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wa wò lọ́dọọdún, orúkọ méjèèjì ni wọ́n ń wá. Èmi ò ní yọ ọ́.

ṢọláAjé

Mo ṣì ní ìbéèrè kan. Tí wọ́n bá kà á ní oṣù kẹfà, tí ẹnì kan sì ní 40,000 la sọ, kì í ṣe 45,000, ṣé ó máa lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́tun ni?

BàbáAkọ̀wé

Rárá. Ìbéèrè gidi nìyẹn, Ṣọlá. Kí ilé tó fọwọ́ sí i, ìwé náà kì í ṣe mínìtì, ohun tí akọ̀wé dábàá ni. Tí ilé bá gbà pé àṣìṣe ni, fi ìlà kan fa iye àkọ́kọ́ já, kó ṣì ṣeé kà, kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, kí ìwọ àti Alága fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú mínìtì oṣù kẹfà, kọ ọ́ pé a ṣe àtúnṣe sí ìpinnu 5/1. Má fi ohun funfun tí wọ́n fi ń pa bírò rẹ́ bò ó. Bí o bá sì ti fi í ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù, kọ "kò tíì gba ìfọwọ́sí" sórí rẹ̀ gàdàgbà.

Délé_Pẹ́kíhàmù

Kí o sì fi àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yẹn nìkan ránṣẹ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣí ìwé náà.

Akọ̀wéTuntun

Alhaji ti dáhùn, ó ní òun á mú iye wẹ́dà wá kó tó di 18 oṣù yìí, mo ti kọ ọ́ sí i. Ó ku ẹyọ kan. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni Alága pè mí pé òun ti rí Ẹnjiníà, ó gbà láti lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé kí n yí 5/B padà, kí n fi orúkọ Ẹnjiníà sí i?

BàbáAkọ̀wé

Má yí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ni ìwé yẹn ń sọ. Pé Ẹnjiníà gbà, inú mínìtì oṣù kẹfà ló máa wà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó jẹyọ látinú ìpàdé tó kọjá.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù

Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní kó pe Alága lẹ́yìn ìpàdé láti mọ ẹni tó máa ṣe 5/B. Ìyẹn náà kò ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé. Tèmi ni pé kó fi 5/B sílẹ̀ bó ṣe wà, kó kọ ìlà kan sábẹ́ àwọn iṣẹ́ pé Ẹnjiníà ti gbà lẹ́yìn ìpàdé, kó kọ ọjọ́ tó gbọ́ ọ.

BàbáAkọ̀wé

Hmm. Ìlà kan, pẹ̀lú ọjọ́. Mo lè fara da ìyẹn. Ká gbọ́ ohun tí àwọn yòókù máa sọ.